Ológbò tó jẹ parasitamọ́ọ̀lù

Ìbéèrè: Ológbò mi jẹ parasitamọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu? Kí ló tún lè pa á nínú ilé?

Ẹ má rọ ọ́ o. Epo lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì ní pa oró oògùn náà. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀ pé kó bì, ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ kó ìyókù oògùn kúrò níwájú rẹ̀, ẹ ka iye tó dín nínú páálí, ẹ rántí aago tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì gbé òun àti páálí náà lọ bá dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí àìsàn hàn.

Ẹyọ kan ṣoṣo, 500 mg, lè pa ológbò tó ti dàgbà, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè palẹ̀ oògùn yìí mọ́ bíi ti èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wo èrìgì rẹ̀: tó bá ti ń dà bí àwọ̀ kọfí, tí ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń wú, tó sì ń mí gúlegúle, oró ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Oògùn tó ń kápá rẹ̀, asẹtilisisitéènì, wà lọ́wọ́ dókítà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí kò bá tíì pẹ́.

Àwọn tó kù: òdòdó lílì (àtíkè rẹ̀ tó lá lára irun nìkan lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́), àlùbọ́sà, kódà èyí tó wà nínú ọbẹ̀, àti oògùn eégbọn ajá tó ní pẹmẹtírìn.