Yàrá tóbi jura wọn lọ: báwo la ṣe máa pín owó ilé, íńtánẹ́ẹ̀tì àti omi?

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́ta la jọ gba fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. 1,800,000 náírà lowó ilé lọ́dún, ọgbọọgba la sì ń pín in látẹ̀yìnwá. Bọ̀ọ̀dá tó dàgbà jù nínú wa ló ń gbé yàrá ńlá tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Yàrá àárín ni tèmi. Ẹni tó wà ní yàrá kékeré ti mú àbúrò rẹ̀ wá, kó fi lè ráyè ṣe iṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́fà. Omi táńkà la ń rà lẹ́ẹ̀rùn, a sì jọ ń san owó wáyìfáì. Owó ilé ti fẹ́ pé. Kí ni kí n kọ sí wọn lórí Wọ́sáàpù tí kò fi ní dìjà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá tépù. Nínú iṣẹ́ àbójútó ilé tí mo ń ṣe, ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ “yàrá tìrẹ tóbi” ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti wà nílẹ̀, ohùn gbogbo èèyàn á rọlẹ̀. Ẹ ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan wà nílé nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọn yàrá tirẹ̀, kó sì bá yín di etí tépù kan mú. Láti ògiri dé ògiri nínú yàrá ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kí àyè wọ́dúróòbù tí wọ́n mọ mọ́ ògiri wà nínú rẹ̀, kí ilé ìwẹ̀ inú yàrá ńlá náà sì wà nínú ìwọ̀n yàrá yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn pálọ̀, kíṣìnnì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tó wà fún gbogbo ilé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀n kan ká fi ṣe é. Yàrá ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 ní gígùn, 10 ní ìbú, ìyẹn 150. Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6 lọ́nà 5, ìyẹn 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Yàrá àárín jẹ́ 12 lọ́nà 10, ìyẹn 120. Yàrá kékeré jẹ́ 10 lọ́nà 10, ìyẹn 100. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 400. Ká ní ibi tí gbogbo yín jọ ń lò náà jẹ́ 400. Ó túmọ̀ sí pé ìdajì owó ilé, 900,000, wà fún ibi àjùmọ̀lò, ẹni mẹ́ta á pín in ní 300,000 kọ̀ọ̀kan. Ìdajì kejì ni ẹ máa pín bí yàrá ṣe tóbi sí: bẹ́ ẹ bá pín 900,000 sí ọ̀nà 400, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,250. Yàrá ńlá á san 405,000 lórí tirẹ̀, àárín 270,000, kékeré 225,000. Bẹ́ ẹ bá fi 300,000 kún un, ó di 705,000, 570,000 àti 525,000. Bí ibi àjùmọ̀lò yín bá tóbi ju gbogbo yàrá lọ, ìyàtọ̀ àárín yín á dín kù, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Tépù kò lè mọ gbogbo nǹkan o. Kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá kan, tàbí pé oòrùn ọ̀sán ń gún òmíràn. Nítorí náà, ẹ fi owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú gbogbo yín, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ yàrá tó máa mú ní iye yẹn, bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọlé. Bí ẹni méjì bá mú yàrá ńlá, a jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré: ẹ fi 20,000 kún un, kẹ́ ẹ yọ 10,000 kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan méjì yòókù, kẹ́ ẹ tún bi ara yín. Bí kò bá sí ẹni tó mú un, kódà ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, ó ti wọ́n jù, ẹ dín in kù. Ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Mo gbẹ́kẹ̀ lé èyí ju ìwọ̀n lọ, torí ẹnu oníkálukú ló fi gbà.

Omi kò mọ yàrá, iye orí tó ń wẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà báyìí. Bí táńkà 5,000 lítà bá jẹ́ 15,000 náírà, tẹ́ ẹ sì ń rà méjì lóṣù, bẹ́ ẹ bá pín 30,000 náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó jẹ́ 7,500 fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà ní yàrá kékeré á san 15,000 fún òun àti àbúrò rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà náà á fi pé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá àbúrò lẹ́bi pé omi ń tètè tán, ẹ yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò. Bí ẹni kan bá ń lo 80 lítà lójúmọ́, ẹni mẹ́rin á lo 320, 5,000 lítà á sì tó nǹkan bí ọjọ́ 15. Bó bá tán lọ́jọ́ mẹ́jọ, omi ń jò níbì kan. Ẹ da búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fa omi fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà inú táńkì náà ti bàjẹ́, púlọ́ńbà á sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti wáyìfáì, bó bá jẹ́ èyí tí dátà rẹ̀ kì í tán ni, ẹni mẹ́ta tó ń san owó ilé ni kó pín in, torí àbúrò kò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ dátà tó ń tán ni, ẹ ka orí mẹ́rin bíi ti omi.

Kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà sórí Wọ́sáàpù, ẹ lọ bá bọ̀ọ̀dá yẹn lójúkojú, torí owó tirẹ̀ ló máa lọ sókè. Kò dáa kó jẹ́ ojú gbogbo ilé ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nǹkan báyìí:

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé mi. Owó ilé wa máa pé lóṣù tó ń bọ̀, mo ní kí n tètè mú un wá ká lè jọ rò ó. Ìwọ̀n tá a jọ wọ̀n nìyí. Àbá mi ni pé ká pín owó pálọ̀ àti kíṣìnnì lọ́gbọọgba, ká sì pín ti yàrá bó ṣe tóbi tó. Tèmi á jẹ́ 570,000, yàrá kékeré 525,000, yàrá ńlá 705,000. Tèmi náà fi 30,000 dín sí ti tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ fi pa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo rí i he, mo ṣe tán láti gba yàrá tirẹ̀ ní iye tá a kọ sí i. Owó omi ká pín in fún ẹni mẹ́rin títí àbúrò wa á fi parí iṣẹ́ rẹ̀, wáyìfáì fún àwa mẹ́ta. Ọdún tuntun ni gbogbo rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, kò kan èyí tá a ti san. Bọ̀ọ̀dá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ká jókòó lórí ẹ̀ lálẹ́ Àìkú?”

Ẹ má béèrè owó àwọn ọdún tó ti kọjá padà. Ẹ ti fẹnu kò sí ọgbọọgba nígbà náà. Lẹ́yìn ìjókòó yẹn, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tí ti omi máa padà sí ẹni mẹ́ta sórí gúrúùpù, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì fèsì pé òun gbà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àgírímẹ́ǹtì ni onílé máa mú bí owó kò bá pé, nítorí náà kí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.