Hẹ́ẹ̀dì L805 tó kú: má tíì ra òmíràn o

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson L805 ni mo fi ń tẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, láti ìjẹta ni májẹ́ńtà ò ti wá mọ́ rárá, wọ́n ní hẹ́ẹ̀dì ló kú. Ṣé kí n ra hẹ́ẹ̀dì ni àbí kí n tà á kí n fi ra èyí tí hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣe é yọ?"

Àbúrò, fi owó ẹ sápò ná. Ta ló sọ pé hẹ́ẹ̀dì ló kú, kí ló fi mọ̀? Hẹ́ẹ̀dì méjì lèmi ti sin sínú L805 kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èkejì tuntun ni, kò tẹ ju ìwé kan lọ kó tó lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn.

Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń tẹ sítíkà tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ike omi páátì, àárín ìwé la wà tí NẸ́PÀ fi mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní epo, mo bá ti ilẹ̀kùn mo gbalé lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé tí iná bá lọ lójijì báyẹn, hẹ́ẹ̀dì ò ráyè padà sí ààyè ẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí kápù onírọ́bà tó ní fóòmù nínú ti máa ń bo ojú ẹ̀, ibi tó bá a dé lórí ìwé ló máa wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí íǹkì á máa gbẹ lẹ́nu àwọn ihò ẹ̀. Ihò 90 ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú L805, àwọ̀ mẹ́fà, 540 lápapọ̀, ojú lásán ò sì lè rí wọn dáadáa. Bákan náà ni tí èèyàn bá ń pa á látara sọ́kẹ́ẹ̀tì dípò bọ́tìnnì ara ẹ̀. Bọ́tìnnì ni kó o máa tẹ̀, kó o dúró kó kígbe tán, kó o tó pa sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó di àárọ̀, májẹ́ńtà ti ku ìlà bíi mélòó kan. Mo ṣe Head Cleaning, mo tún un ṣe, bóyá ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, íǹkì ń lọ sínú fóòmù ìdọ̀tí nísàlẹ̀, àwọ̀ ò wá. Mo wá gbé sìrínjì olómi gbígbóná. Mo fi agbára tì í, omi yẹn gba ẹ̀gbẹ́ tú jáde, ó ṣàn lọ sẹ́nu ibi tí kébù pẹlẹbẹ funfun yẹn ń wọ̀ lára hẹ́ẹ̀dì. Mi ò wò ó. Mo fi kébù padà, mo tan iná, mo gbọ́ "tá!" kékeré kan, òórùn jíjó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan. Látìgbà yẹn lọ ìwé funfun ló ń ti jáde, gbogbo àwọ̀ pátá ló lọ.

Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tí mo pè ní hẹ́ẹ̀dì ni, kí n lọ ra òmíràn. Mo rà á, owó tí mo ná sí i fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlàjì owó ẹ̀rọ tokunbọ̀. Ó fi sí i, ìwé kan jáde dáadáa, èkejì jáde pẹ̀lú ìlà dúdú gbàgàdà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta funfun báláú. Bàbá kan tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe ló wá tú u, ó ní kí n wá wo nǹkan. Fíúsì tíntín kan wà lórí bọ́ọ̀dù nítòsí ibi tí kébù hẹ́ẹ̀dì ti ń wọlé, fíúsì yẹn ti jó nígbà tí omi kan kébù, ẹnjiníà mi sì ti fi fọ́nrán wáyà kan so ẹnu ẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ohun tí fíúsì yẹn ń sọ fún wa nìyẹn, pé nǹkan ti bàjẹ́ lẹ́yìn mi, òun bá pa á lẹ́nu mọ́. Tiransísítọ̀ méjì tó ń rán iná sí hẹ́ẹ̀dì, A2222 àti C6144 ni wọ́n kọ sí wọn lára, ọ̀kan ti dipọ̀, iná kàn ń wọ́ lọ sínú hẹ́ẹ̀dì tuntun ni láìsí ìdádúró. Kò sí hẹ́ẹ̀dì tó máa yè é.

Ó yá, tìẹ wá ńkọ́. Àwọ̀ kan ló lọ, àwọn márùn-ún yòókù ń wá, ìyẹn dára ju tèmi lọ torí tí fíúsì bá jó gbogbo ẹ̀ ló máa ń lọ pa pọ̀. Tẹ Nozzle Check lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, fi bírò sàmì sí ibi tó ṣófo. Tí àlàfo yẹn bá ń ṣípò láti ìwé kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rọ́bà íǹkì, hẹ́ẹ̀dì ò ṣe nǹkan kan. Tó bá dúró sójú kan, ihò ti dí tàbí kó ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ti hẹ́ẹ̀dì sápá òsì, kán omi díẹ̀ sórí fóòmù kápù kó kún, jẹ́ kó ṣe cleaning kan. Tí omi yẹn ò bá lọ, pọ́ǹpù ò fà, a jẹ́ pé gbogbo cleaning tó o ti ń ṣe láti ìjẹta, lásán ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí o. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà iná ẹ̀, yọ dámípà lórí hẹ́ẹ̀dì (àpótí tí rọ́bà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀), wàá rí imú ṣóńṣó mẹ́fà. Fi rọ́bà kékeré sẹ́nu sìrínjì, kì í ṣe abẹ́rẹ́ o, kó o fi rọ́bà yẹn bọ imú májẹ́ńtà, tẹ́ tíṣù sábẹ́ hẹ́ẹ̀dì, kó o wá ti omi ìfọhẹ́ẹ̀dì bíi 2ml wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lómi. Tó bá le, má fipá tì í, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Fi í sílẹ̀ bíi wákàtí méjì kó o tún gbìyànjú. Tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá hàn lórí tíṣù yẹn geere láìjá, ihò ti ṣí. Tó bá ṣí tí májẹ́ńtà ò sì wá lórí ìwé lẹ́yìn tí íǹkì ti padà wọ hẹ́ẹ̀dì, ìgbà yẹn la lè sọ pé hẹ́ẹ̀dì ti kú. Àmọ́ kó o tó tan iná lẹ́yìn gbogbo eré yìí, yọ kébù, nu ẹnu ẹ̀ gbẹ, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Jọ̀ọ́.

Tó bá wá jẹ́ pé ó kú lóòótọ́, bọ́ọ̀dù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà wò: ṣé fíúsì ń dún, ṣé tiransísítọ̀ yẹn ò dipọ̀. Dúró tì wọ́n. Èyí tí L805 ń lò ni F180000, òun náà ni L800 àti T50 ń lò, torí náà kì í ṣòro láti rí ní Kọ̀ńpútà Fílẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n tú lára ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n tún dì lọ́ràá. Wo inú imú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, tí àwọ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀, kì í ṣe tuntun. Yí ojú ẹ̀ síwájú iná, tí nǹkan bá ti ha á lára, dá a padà. Ohun tí àwọn ẹnjiníà wa kì í ṣe rèé: kóòdù kan wà lára hẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú Adjustment Program, níbi Head ID Input, torí hẹ́ẹ̀dì méjì kì í gba iná bákan náà gẹ́lẹ́, kóòdù yẹn ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù iye tó máa fún un. Tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, á ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ojú kọ́sítọ́mà ẹ á máa pọ́n jù tàbí kí ìlà máa fà nínú fọ́tò. Ya kóòdù yẹn ní fọ́tò kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀, tó bá ti wọlé tán o ò lè rí i mọ́.

Ní ti èyí tó ṣe é yọ, mo ní Kánọ́nù G3010 kan báyìí tí mo fi ń tẹ ìwé kọ́sítọ́mà. Hẹ́ẹ̀dì méjì ló ní, B fún dúdú, C fún àwọ̀. C lọ lọ́dún tó kọjá torí mo jẹ́ kí tánkì yẹ́lò gbẹ tí mo ṣì ń tẹ̀ (hẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, ooru ló fi ń ti íǹkì jáde, tí íǹkì ò bá sí nínú ẹ̀ ara ẹ̀ ló ń jó, ti L805 kì í lo ooru). Èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ ẹ̀ kí kọ́sítọ́mà tó mu gààrí tán: ṣí ìdérí, yọ ti tẹ́lẹ̀, fi tuntun sí i, pa ìdérí, kó o wá tẹ bọ́tìnnì méjì tó so rọ́bà íǹkì mọ́ hẹ́ẹ̀dì kó dún "kọ́". Bọ́tìnnì yẹn ni mo gbàgbé, mo tẹ ìwé márùn-ún láìsí àwọ̀ kankan. Lẹ́yìn ẹ̀ mo ṣe System Cleaning, ìyẹn sì mu íǹkì bí ẹni pé kò rí omi rí, torí náà jẹ́ kí tánkì ẹ kún dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀. Tí E05 bá jáde, yọ ọ́, fi tíṣù gbẹ nu ojú kọ́pà ẹ̀, tún un fi sí i. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí Head ID, kò sí ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n má wá máa yọ ọ́ wò lójoojúmọ́ o, afẹ́fẹ́ á wọ inú rọ́bà.

Àmọ́ iṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù lò ń ṣe. Àwọ̀ mẹ́rin péré ló wà lára G3010, kò ní májẹ́ńtà fẹ́ẹ́rẹ́ àti sáyáànì fẹ́ẹ́rẹ́ tí L805 fi ń tẹ ara èèyàn kó jọ̀lọ̀, mo gbìyànjú ẹ̀, ìyá kan dá fọ́tò ọmọ ẹ̀ padà fún mi. Nítorí náà tí bọ́ọ̀dù ẹ bá yè, èmi lójú tèmi á ra hẹ́ẹ̀dì sí i. Tí bọ́ọ̀dù náà bá ti lọ pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dì, má ṣe é, owó méjèèjì á ti sún mọ́ owó ẹ̀rọ tokunbọ̀ mìíràn, tà á fún àwọn tó ń tú ẹ̀rọ.

Ṣe ti tíṣù yẹn lónìí, kó o wá gbé fọ́tò Nozzle Check méjèèjì síbí pẹ̀lú bírò tó o fi sàmì sí i. Àti pé ṣé iná lọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, àbí ẹnì kan ti fọ nǹkan lábẹ́ ẹ̀?