Ọyún lójú okó: àtọ̀sí nìkan kọ́

“Bí mo bá ń tọ̀, ó ń ta mí, ọyún sì ń jáde. Ṣé kí n ra kápúsù ní kẹ́míìsì?” Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìlọrin ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Má rà á o, àbúrò mi. Ọyún tó ki, tó yọ ní ọjọ́ 2 sí 5 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, sábà máa ń jẹ́ àtọ̀sí. Èyí tó ṣàn, tó pẹ́ kó tó yọ, lè jẹ́ kilamídíà, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kì í yà wọ́n, àwọn méjèèjì sì lè wà pọ̀. Abẹ́rẹ́ seftiráásónì tó ń pa àtọ̀sí kì í mú kilamídíà kúrò. Oògùn dọsisáíkílìn ọjọ́ 7 ló ń pa ìyẹn. Àtọ̀sí sì ti borí ọ̀pọ̀ kápúsù àtijọ́.

Lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìlọrin kí o tó lo oògùn kankan. Má tọ̀ fún wákàtí 2 ṣáájú, kí òwú àyẹ̀wò lè rí ọyún gbà. Mú ẹni tí ẹ jọ ń sùn dání. Ara tirẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn.