Ọ̀rọ̀ lórí àwọn olùkọ́ inú ìwé ìtàn àwọn obìnrin onímọ̀

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀kọ́ obìnrin ní Íjíbítì àti Síríà láyé àwọn ọba Mamluk. Nínú al-Durar al-Kamina, ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ọ̀rúndún kẹjọ Híjírà, mo rí Zaynab bint al-Kamal, ará Dàmásíkù, tó ní olùkọ́ ní Bagidádì àti Alẹkisáńdíríà. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé àwọn obìnrin máa ń rin ìrìn àjò jíjìn lọ kẹ́kọ̀ọ́? Mo tún fẹ́ ka iye obìnrin inú ìwé ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọn ń pọ̀ sí i.”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ti inú àwọn ìwé yìí wá òye nípa bí àwọn èèyàn ṣe gbé ayé, ohun tó sì ná mi ní àkókò jù lọ ni láti mọ̀ pé “olùkọ́” inú wọn kì í ṣe ẹni tí èèyàn jókòó níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún. Ọdún 646 Híjírà ni wọ́n bí Zaynab, ìyẹn 1248. Lára àwọn tí ìwé sọ pé wọ́n fún un ní ìjásà, ìyẹn àṣẹ láti máa sọ hádíìsì tó wà lọ́wọ́ wọn fún ẹlòmíràn, ni Ajiba al-Baqadariyya wà, obìnrin bíi tirẹ̀, ará Bagidádì. Ọdún 647 ni Ajiba kú. Ẹ yọ ọdún kan kúrò nínú èkejì. Ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ni Zaynab nígbà tí màmá yẹn jáde láyé. Ẹlòmíràn nínú wọn ni ará Alẹkisáńdíríà tí wọ́n ń pè ní Sibt al-Silafi, ọmọ ọmọ al-Silafi, gbajúmọ̀ onímọ̀ hádíìsì ìlú yẹn. Ọdún 651 lòun kú, Zaynab kò sì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Kò sí ìrìn àjò kankan níbẹ̀. Lẹ́tà ló rin ìrìn àjò.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá ọmọ, tàbí ìbátan rẹ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ gba ìlú kan dé òmíràn, á kọ orúkọ àwọn ọmọdé àdúgbò àti ti ẹbí sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan. Á gbé e lọ bá àwọn arúgbó tí òkìkí wọn kàn nínú hádíìsì, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé àwọn yọ̀ǹda fún gbogbo ọmọ tí orúkọ wọn wà lókè. Arúgbó yẹn lè má fojú kan ọmọ náà títí tó fi máa kú. Kò sí ìwà jìbìtì nínú èyí, gbogbo ayé onímọ̀ ìgbà náà ló gbà á. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn tó gbà á lẹ́nu ara wọn láti ọ̀dọ̀ Ànábì títí dé orí ẹni tó ń sọ hádíìsì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni hádíìsì náà ṣe níyì tó. Bí ọmọ ìkókó bá gbà á lọ́dọ̀ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì dàgbà dé àádọ́rùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbi tó yẹ kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Zaynab gan-an nìyẹn. Ọdún 740, ìyẹn 1339, ló kú, lẹ́ni ọdún 94. Láti ikú Sibt al-Silafi títí di ikú rẹ̀, ọdún 89 ni. Gbogbo àwọn mìíràn tó gba ìjásà lọ́wọ́ Sibt ti lọ, ó ku òun nìkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ́ tọ̀ ọ́ ní Dàmásíkù nígbà ogbó rẹ̀, tí wọ́n sì ń ka ìwé sí i létí. Ẹ rí i pé òun ni àwọn èèyàn ń rin ìrìn àjò wá bá. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé òun ló rìn, ẹ ti yí ìtàn náà sódì.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ nígbà tí ọdún kò bá tò báyìí? Ọ̀rọ̀ ìṣe tí òǹkọ̀wé lò ni kí ẹ dì mú. “Ajáása lahá” túmọ̀ sí pé ó fún un ní ìjásà, ìyẹn nìkan, kò sọ pé wọ́n pàdé. “Sámíat” ni pé ó jókòó, ó gbọ́ kíkà ìwé náà, ọmọ ọdún márùn-ún sókè ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún. “Úhúdírat” ni pé wọ́n gbé e wá síbi ìkàwé nígbà tí kò tíì tó ọdún márùn-ún: ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a ò lè pè é ní ẹ̀kọ́. Tí obìnrin bá rin ìrìn àjò ní tòótọ́, òǹkọ̀wé a máa sọ ọ́. Á ní ó lọ sí hájì, tàbí pé ó gbé ní Mẹ́kà fún ìgbà díẹ̀, tàbí pé ó bá ọkọ tàbí bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú báyìí. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò inú àpilẹ̀kọ yín wá láti inú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti inú orúkọ ìlú àwọn olùkọ́.

Èmi máa ń fa tábìlì kékeré fún obìnrin kọ̀ọ̀kan: orúkọ olùkọ́, ìlú rẹ̀, ọdún tó kú, ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n lò. Ìwé kì í sábà sọ ọdún ìbí, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó tètè kú jù lọ á sọ fún yín pé wọn kò bí obìnrin náà lẹ́yìn ọdún báyìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìwé tó ṣáájú. Ẹ rántí pé ọdún 773 ni wọ́n bí Ibn Hajar tó kọ al-Durar al-Kamina, ọdún 33 lẹ́yìn ikú Zaynab. Inú ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló ti kó ọ̀rọ̀ jọ, ẹni tó bá sì ń ké ọ̀rọ̀ kúrú lè ju ọ̀rọ̀ ìṣe nù kó wá fi orúkọ olùkọ́ nìkan sílẹ̀. Al-Dhahabi, tó kú ní 748, gbọ́ hádíìsì lẹ́nu Zaynab fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Má jẹ̀ẹ́ kó dà bíi pé mo gba Zaynab lọ́wọ́ yín o. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ìtàn àwùjọ dùn mọ́ mi ju ìrìn àjò lọ: ẹnì kan gbà pé ó tọ́ láti fi orúkọ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì ránṣẹ́ sí Bagidádì, ìlú tí àwọn Mòńgólì máa tó pa run ní 1258. Ta ló gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà lọ? Àwọn ọmọ wo ni orúkọ wọn jọ wà lórí rẹ̀? Ṣé ọmọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀ tàbí ọmọbìnrin? Bí ẹ bá to ìjásà àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí àwọn arúgbó kan náà bá ń fara hàn léraléra, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rí àwọn ìdílé tó jọ ń ṣe nǹkan pọ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, ìyẹn kíka iye obìnrin inú ìwé ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi iye yẹn ya àwòrán. Obìnrin inú al-Durar al-Kamina, tó jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹjọ Híjírà, kò pé igba nínú àwọn èèyàn tó lé ní 5,000. Al-Sakhawi, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ibn Hajar fúnra rẹ̀, kọ al-Daw al-Lami fún ọ̀rúndún kẹsàn-án, ìyẹn láti 1398 sí 1495. Ó fi odindi ìdìpọ̀ kejìlá, tó jẹ́ ìgbẹ̀yìn, sílẹ̀ fún obìnrin: 1,075 ni wọ́n. Nígbà tó di ìwé al-Ghazzi fún ọ̀rúndún kẹwàá, wọn kò tó ogún mọ́. Bí ẹ bá fi èyí ya àwòrán, yóò yọ bí òkè gíga, ẹ ó sì máa wá ohun tó gbé ẹ̀kọ́ obìnrin ga lójijì, tó tún gbá a wálẹ̀. Ohun tó ń yí padà jù níbẹ̀ ni irú ẹni tí òǹkọ̀wé kà sí ẹni tó yẹ kó wọ ìwé. Al-Sakhawi kó ìyàwó, ọmọ àti ìbátan àwọn onímọ̀ wọlé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ obìnrin ìdílé Mẹ́kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ wọn.

Inú ìwé kan ṣoṣo ni ó ti dára kí a ka nǹkan, kó sì jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé kàn ń mẹ́nu bà lọ láìjà fún un. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó inú al-Daw al-Lami nìyẹn. Nítorí kí ó lè fi ìbátan hàn, al-Sakhawi a máa to ọkọ obìnrin lẹ́sẹẹsẹ: lágbájá fẹ́ ẹ, ó kọ̀ ọ́, tàmẹ̀dù fẹ́ ẹ lẹ́yìn rẹ̀. Òpìtàn Yossef Rapoport ṣiṣẹ́ lórí èyí nínú ìwé tó gbé jáde ní 2005. Ó rí nǹkan bí 500 obìnrin tí al-Sakhawi sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló lọ́kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mẹ́ta nínú ìgbéyàwó mẹ́wàá ló sì parí sí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àwọn 500 yẹn ló fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe 1,075. Àìdárúkọ ọkọ kò túmọ̀ sí àìlọ́kọ. Ìwé sọ ọ́ gbangba pé Zaynab kò lọ́kọ rí, nítorí pé ohun tó ṣàjèjì ni.

Ibi tí iye yẹn mọ náà wà. Agboolé onímọ̀ àti àwọn ọlọ́lá ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò sí ìyàwó aláàárù níbẹ̀. Al-Sakhawi sì jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú. Òun àti al-Suyuti, onímọ̀ bíi tirẹ̀ láyé ìgbà náà, kọ̀wé bú ara wọn gidigidi, nítorí náà mo máa ń fi àmì sí ìtàn obìnrin èyíkéyìí tí ọkọ tàbí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí òun àti al-Sakhawi kò rẹ́. Mo máa ń kà wọ́n lọ́tọ̀, kí n tó wò ó bóyá iye náà yí padà nígbà tí mo bá yọ wọ́n kúrò.

Tó bá jẹ́ èmi ni, máa fi Zaynab sílẹ̀ nínú orí yẹn, máa sì yí ìbéèrè orí náà sí ohun tí àwọn ìdílé ń ṣe fún ọmọbìnrin wọn kó tó pé ọdún márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ fa tábìlì fún gbogbo obìnrin al-Durar tí ọdún ìbí wọn hàn. Wọn kò pọ̀, ẹ ó tètè parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe kan bá rú yín lójú, ẹ da gbólóhùn náà kọ síbí bó ṣe wà gan-an, ká jọ wò ó.