Aago ta ni ká kọ sínú ìwé ìpè ìpàdé?

*«Ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé-ìwé wa l'Óṣogbo. A ní èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, Tòróńtò, Hiúsítọ̀n àti Dùbáì. Kò sí ìpàdé tí ẹnì kan kì í wọlé nígbà tí a bá ń gbàdúrà ìparí lọ́wọ́. Báwo ni kí n ṣe máa kọ aago?»*

Aago Òṣogbo ni kí ẹ dì mú, kí ẹ wá kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago tirẹ̀ sísàlẹ̀. Aago Nàìjíríà kì í yí, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Ti Dùbáì náà kì í yí. Lọ́ńdọ̀nù, Tòróńtò àti Hiúsítọ̀n ló ń yí tiwọn, wọn kì í sì í yí i lọ́jọ́ kan náà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ẹbí wa. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù la máa ń pàdé, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe níhìn-ín. Ẹ kíyè sí i: Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá gan-an ni wọ́n ń yí aago ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti Amẹ́ríkà àti Tòróńtò di Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta àti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ọjọ́ ìpàdé yín lè bọ́ sí ọjọ́ ìyípadà gẹ́lẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa kí n tó gba iṣẹ́ náà. Ìwé ìpè oṣù kẹwàá kàn sọ pé «aago méje alẹ́, bíi ti àtẹ̀yìnwá». Láti ìparí oṣù kẹta ni aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa ti jọ ń lọ déédéé, àwọn ará ibẹ̀ ò sì ṣírò mọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọlé ní aago méje tiwọn, aago mẹ́jọ ti lù l'Óṣogbo, a sì ti fẹnu kò lórí owó tí kálukú máa dá fún ẹ̀rọ omi. Ẹ̀gbọ́n wa kan sọ pé ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò tán nílẹ̀ títí tó fi wálé fún Kérésìmesì.

Ẹ wo bí tọdún 2026 ṣe máa rí tí ìpàdé bá jẹ́ aago méje alẹ́ l'Óṣogbo. Ní 27 Sẹ̀tẹ́ńbà, aago méje náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ọ̀sán ní Tòróńtò, ọ̀kan ọ̀sán ní Hiúsítọ̀n. Ní 25 Òkítóbà, Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló máa yí, ó di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di 29 Nòfẹ́ńbà, Tòróńtò ti di ọ̀kan ọ̀sán, Hiúsítọ̀n sì ti di méjìlá ọ̀sán. Ìpàdé mẹ́ta, aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ tiwa ò kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ tuntun lóṣooṣù, báyìí:

Sọ́ńdè, 25 Òkítóbà 2026
Òṣogbo: 7 alẹ́ (19:00)
Lọ́ńdọ̀nù: 6 ìrọ̀lẹ́ (18:00). Aago yín yí láàárọ̀ yìí!
Tòróńtò: 2 ọ̀sán (14:00)
Hiúsítọ̀n: 1 ọ̀sán (13:00)
Dùbáì: 10 alẹ́ (22:00)

Orúkọ oṣù ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀. «5/4» jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin lójú wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ni ará Hiúsítọ̀n máa kà á sí. Ẹ yẹra fún «GMT» náà. Bí ẹ bá kọ «6 GMT» lóṣù kẹsàn-án, aago méje tiwa lẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù gbà pé GMT ni aago tó wà lára ògiri wọn, wọ́n á sì fi wákàtí kan ṣíwájú yín.

Tí ẹ bá ń lo Google Calendar fún ìpàdé tó ń padà wá lóṣooṣù, ẹ tẹ `Time zone`, kí ẹ sì mú èyí tó ní `Lagos` nínú. Ìlú tí ẹ bá mú níbẹ̀ ni ìpàdé máa tẹ̀lé. Tó bá jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù ló dá a sílẹ̀ lórí aago tirẹ̀, méje Lọ́ńdọ̀nù ló máa dúró sí, tiwa á sì di mẹ́jọ láti ìparí oṣù kẹwàá.

Ní Tọ́sìdé tó ṣáájú ìpàdé, mo máa ń ní kí ẹnì kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan fi aago tó rí lórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí ará Lọ́ńdọ̀nù bá sọ pé méje lòun rí fún 25 Òkítóbà, a jẹ́ pé Lagos kọ́ ni ìpàdé náà so mọ́, ààyè sì ṣì wà láti tún un ṣe.