Ìlà G Nínú Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Màmá Kì í Ṣe Kofídì

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi, ẹni ọdún 76 ní Mopa, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ní Kofídì ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ara wọn sì ti yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàbù kan gún wọn níka, wọ́n ní Kofídì ti padà, wọ́n sì ta oògùn asitiromáísìn fún wa. Ṣé wọ́n tún nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára àfikún? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbà á, ìkẹyìn ti lé lọ́dún kan. Mo fi fọ́tò èsì náà ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Okun o. Kí a tó dé orí abẹ́rẹ́ rárá, fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ kò fi hàn pé Kofídì wà lára màmá yín. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, láti Kabba títí dé Isanlu, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń gún àgbàlagbà níka ni wọ́n tún ń ta oògùn lé èsì tí wọn kò mọ̀ ọ́n kà.

Ike àyẹ̀wò tí wọ́n lò kì í wá kòkòrò àrùn. Antibọ́dì ló ń wá, ìyẹn èròjà tí ara ń pèsè sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi bá àrùn jà, tó sì máa ń wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Ìlà méjì ló hàn nínú fọ́tò náà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C ń sọ pé ike náà ṣiṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ G ń sọ pé ara màmá ti mọ Kofídì tẹ́lẹ̀, yálà nípasẹ̀ àìsàn tàbí nípasẹ̀ abẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì ni màmá sì ti ní. Ká tilẹ̀ ní ìlà M, tí wọ́n ń pè ní àmì àrùn tuntun, hàn pẹ̀lú, òun náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń parọ́ nígbà mìíràn. Ohun tí wọ́n ti ń fi àyẹ̀wò Wídàlì, tí òun náà ń wá antibọ́dì, ṣe sí wa láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí: ẹni tí taifọ́ọ̀dù ti mú rí ni wọ́n ń tọ́jú fún taifọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe é.

Kofídì lè mú ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ibà, ikọ́ tàbí àárẹ̀ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibà ẹ̀fọn wò, kí wọ́n sì fi owú onígi gba nǹkan nínú imú fún àyẹ̀wò ántíjìn, èyí tó ń wá kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀, tó sì máa ń fi èsì hàn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, nítorí ó lè ṣàìrí àrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò PCR, tó ń wá àbùdá kòkòrò náà ní láàbù, lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó lè máa rí àjákù kòkòrò tó ti kú fún nǹkan bí 90 ọjọ́, nítorí náà kò ní tú ọ̀rọ̀ yìí fún wa báyìí.

Ní ti abẹ́rẹ́, ìlà G kò gbọ́dọ̀ dá yín dúró. Kò sí ìwọ̀n antibọ́dì kan tí a fẹnu kò sí pé bí ènìyàn bá ti ní in, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti parí. Ọjọ́ orí, àìsàn tó wà lára àti ìgbà tí a gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn ni a ń wò. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà tó ní irú àìsàn tí màmá ní ni kí wọ́n tún un gbà ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn ti ìkẹyìn, èyí tó túmọ̀ sí pé àkókò tiwọn ti tó. Àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ náà ti fún wọn ní ààbò díẹ̀, nítorí náà wọ́n lè sún un di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí àkókò yìí. Kí ẹ tó gbé wọn rìnrìn àjò, ẹ béèrè ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé bóyá abẹ́rẹ́ náà wà nílẹ̀. Ẹ mú káàdì àjẹsára wọn lọ, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì bí abẹ́rẹ́ kan bá ti mú kí mímí nira fún wọn tàbí kí ojú wọn wú rí, tàbí bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Fọ́tò nìkan ni mo rí, n kò fọwọ́ kan màmá, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà wọn ni kó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí mímí bá ń nira fún wọn, tàbí bí ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka bá ka ọ́síjìn tó kéré sí 94, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Asitiromáísìn kì í pa Kofídì, ó sì lè da bí ọkàn àgbàlagbà ṣe ń lù rú, pàápàá bí oògùn mìíràn bá wà lára. Bí wọn kò bá tíì lò ó, kí wọ́n má lò ó. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi hàn dókítà wọn lónìí, pẹ̀lú gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò.