Ẹ Má Tẹ Restore Nítorí Súláìdì Kan Ṣoṣo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe súláìdì ìpàdé kan nínú Google Slides. Ẹnìkan ti ba tèmi jẹ́. Wọ́n ní kí n lọ tẹ Restore nínú Version history. Ṣé tèmi nìkan ló máa dá padà? Báwo ni mo ṣe lè tì í pa kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án mọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Restore ò mọ súláìdì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Odindi fáìlì ló ń dá padà sí bó ṣe wà ní wákàtí tí ẹ bá yàn.

Ẹ jẹ́ ká ní súláìdì 14 ló wà níbẹ̀, tí ìkẹsàn-án sì jẹ́ tiyín. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó pé. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin ààbọ̀, ẹnìkan ti pa àtẹ owó tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́ta yòókù tún ṣiṣẹ́ lórí tiwọn. Bí ẹ bá tẹ `Restore this version` lórí ti aago méjì, àtẹ yín á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí àwọn mẹ́ta yẹn ṣe látìgbà náà á pòórá lójú wọn. Ó ń bí mi nínú pé ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n ń fún èèyàn káàkiri.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ṣí `File`, ẹ lọ sí `Version history`, ẹ tẹ `See version history`. Àwọn wákàtí á tò lápá ọ̀tún, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Bí ọfà kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, torí àtúnṣe púpọ̀ lè sápamọ́ síbẹ̀. Ẹ wá èyí tí àtẹ yín ti pé, ẹ tẹ àmì róbótó mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, kí ẹ yan `Make a copy`. Fáìlì ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínú rẹ̀, ẹ tẹ súláìdì kẹsàn-án lápá òsì, Ctrl+C. Ẹ padà sí fáìlì tí gbogbo yín jọ ń lò, ẹ tẹ ìkẹjọ, Ctrl+V. Bó bá béèrè bóyá kó so ó mọ́ fáìlì tó ti wá, ẹ ní rárá. Ẹ má tíì pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́ o: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni yẹn tún nǹkan kan ṣe dáadáa lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti tẹ Restore kí ẹ tó ka èyí, ẹ fara balẹ̀. Ipò tí fáìlì wà kó tó di pé ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà. Ẹ sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí ẹ tó dá ìyẹn padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ láàárín náà á tún lọ.

Ní ti títì pa, kò sí kọ́kọ́rọ́ fún súláìdì kan nínú Google Slides. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ `Editor` lè fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sí `Share`, kí ẹ sọ ẹni tí kò ní súláìdì tirẹ̀ di `Commenter`, ọ̀gá yín náà pẹ̀lú. Kí ẹ̀yin mẹ́rin wá kọ orúkọ ẹni tó ni súláìdì kọ̀ọ̀kan sí ìlà àkọ́kọ́ nínú àyè `speaker notes` rẹ̀. Ẹ má ní “Ṣadé ló ni ìkẹsàn-án”. Ẹnìkan á fi tuntun sáàárín, ìkẹsàn-án á di ìkẹwàá, ìjà dé. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa wọ `Theme builder`, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrísí àwọn súláìdì, torí àtúnṣe ibẹ̀ ń ran gbogbo súláìdì tó ń lo ìrísí yẹn.

Ẹni tó bá rí àṣìṣe lórí súláìdì ẹlòmíràn, kọ́mẹ́ǹtì ni kó kọ. Google Slides ò ní ọ̀nà àbá bíi ti Google Docs, níbi tí èèyàn lè tún un kọ kí onítọ̀hún tó gbà á. Ẹ tẹ orí àtẹ náà gan-an, Ctrl+Alt+M, ẹ kọ @ pẹ̀lú ímeèlì ẹni tó ni ín, kí ẹ sì fi àmì sí `Assign`. “Ẹ bá mi wo èyí” kì í ṣe kọ́mẹ́ǹtì o. “Ẹ yí 4.2 sí 4.6, owó oṣù kẹta ni” ló ń jẹ́ kọ́mẹ́ǹtì. Ẹni tó ni súláìdì ni kó pa á dé lẹ́yìn tó bá ti ṣe é.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ẹ lo `Name current version`, ẹ fún un lórúkọ, bí àpẹẹrẹ “Kí ọ̀gá tó wò ó”. Wákàtí tí kò lórúkọ lè dà pọ̀ mọ́ òmíràn bó bá pẹ́.

Bó bá jẹ́ àkáǹtì ọ́fíìsì lẹ ń lò, tí orúkọ tàbí owó oníbàárà sì wà nínú fáìlì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà, ẹ má fi han ẹlòmíràn, kí ẹ sì pa á rẹ́ ní gbàrà tí súláìdì yín bá ti padà.